Ẹ̀fọ́rí Méjì Nínú Ẹ̀fọ́rí Kan

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ mú Ìbàdàn débi pé ètè tèwe tàgbà ló ń là, aránṣọ kan, ẹni ọdún 31, wọlé sí ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di orí mú bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gún mi ní abẹ́rẹ́ ibà. Orí yìí ti fẹ́ là sí méjì."

Mo bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ Ajé ni mà, aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ń gé aṣọ lọ́wọ́." Ìdáhùn yẹn ló kọ́kọ́ mú mi fura. Kò wọ́pọ̀ kí aláìsàn mọ aago tí àìsàn rẹ̀ wọlé. Àmọ́ inflúẹ́ńsà, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní fúlù, a máa wọlé bí ẹni já ilẹ̀kùn. Èèyàn á wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, lójijì òtútù á mú un, iwájú orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ títí dé ẹ̀yìn ẹyinjú, ẹ̀yìn àti itan á máa ro ó bí ẹni tí wọ́n nà. Ikọ́ gbígbẹ á wá tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo wádìí síwájú, ó rántí pé oníbàárà kan tó ń wúkọ́ jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ méjì ṣáájú. Àárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin ni kòkòrò fáírọ́ọ̀sì yìí fi ń lúgọ nínú ara kó tó farahàn, ọjọ́ méjì ló sì wọ́pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí à ń pè ní ibà ti kó wa sí ìṣòro. Ara tó gbóná ni à ń pè bẹ́ẹ̀, màlééríà náà ni à ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí ara bá ti gbóná, oògùn màlééríà ni ọwọ́ wa ń nà sí. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí màlééríà ń pa wá lóòótọ́, òun náà sì ń mú orí fọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi ojú lásán dájọ́. Mo gún un lọ́mọ ìka, mo fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí páálí àyẹ̀wò, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde. Kì í ṣe màlééríà.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kó tú gbogbo oògùn tó ti lò sórí tábìlì. Mo máa ń ṣe èyí fún gbogbo ẹni tó bá gbé ẹ̀fọ́rí wá, torí ohun tí èèyàn ti gbé mì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ló ń sọ ohun tí a lè ṣe àti ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe. Oògùn màlééríà wà níbẹ̀, ó ti lo ìdajì. Kápúsù tó ń pa bakitéríà náà wà níbẹ̀, èyí tí kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní ohunkóhun. Parasitamọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, pẹ̀lú oògùn ọ̀fìnkìn kan nínú páálí aláwọ̀ ewé. Mo yí páálí náà padà, mo fi ìka hàn án: parasitamọ́ọ̀lù mílígíráàmù 500 wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan òun náà. Kò mọ̀. Ẹni tó tà á fún un kò sọ fún un.

Àwa méjèèjì jọ ṣírò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó lo parasitamọ́ọ̀lù ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn gíráàmù 3. Ó lo oògùn ọ̀fìnkìn ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn gíráàmù kan àtààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 4.5, bẹ́ẹ̀ gíráàmù 4 ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24, kí ẹ̀dọ̀ má bàa fara gbá a. Ó sì tún ti lo ẹyọ mẹ́ta láago méje àárọ̀ ọjọ́ tó wá. Mo pe dókítà wa lórí fóònù. Wọ́n ní kí n má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kankan mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, kí n sì máa ṣọ́ ọ bóyá yóò máa bì tàbí abẹ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀ yóò máa dùn ún.

Bó ṣe di pé obìnrin tí ẹ̀fọ́rí ń dà láàmú jókòó síwájú mi nìyẹn, tí mi ò sì lè fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Omi àti bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kù fún mi. Ọjọ́ yẹn wà lọ́kàn mi dòní, torí ó jẹ́ kí n rí ohun kan kedere tí oògùn máa ń bò mọ́ wa lójú: ẹ̀fọ́rí inú fúlù kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n, tí wọ́n gun ara wọn lẹ́yìn.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí ìjà inú ara fà. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ inú ọ̀nà imú àti ọ̀fun, àwọn ọmọ ogun ara á tú èròjà ìkìlọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí èyí bá dé ọpọlọ, ara á ṣe ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní pírósítágílándìnì. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó gbé ìwọ̀n ooru ara sókè kúrò ní nǹkan bí 37. Nígbà tí ọpọlọ bá pinnu pé 39 ni òun fẹ́, ara tó ṣì wà ní 37 á rò pé òtútù ń mú òun, á sì máa gbọ̀n kó lè bá a dé ibẹ̀. Pírósítágílándìnì yìí kan náà ló ń mú kí iṣan ìmọ̀lára di ẹlẹ́gẹ́, tí ohun tí kì í dunni tẹ́lẹ̀ fi ń dunni. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀, ariwo ẹ̀rọ àti ikọ́ lásán fi ń gún orí. Parasitamọ́ọ̀lù ń dín èròjà yìí kù, ohun tó sì ń jẹ́ kó lè rọ ibà àti ẹ̀fọ́rí lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Omi kò lè ṣe èyí. Bí èèyàn bá mu odindi kànga, ẹ̀fọ́rí àkọ́kọ́ yìí yóò wà níbẹ̀ títí ìjà yóò fi rọlẹ̀, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Èkejì ni èyí tí àwa fúnra wa ń fi kún un láìmọ̀. Ẹ wo aránṣọ yìí. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń làágùn, imú rẹ̀ dí, ẹnu ló fi ń mí nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó gbẹ bí ìṣáná. Gbogbo èyí ń fa omi kúrò lára. Bí ooru ara bá fi ìwọ̀n kan gbéra, omi tí awọ ara àti èémí ń gbé lọ láìsí pé a rí i a máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i. Kò tún jẹun láti ọ̀sán ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún omi tí à ń gbà lójúmọ́ inú oúnjẹ ló ti ń wá. Mo bi í pé kí ló ti mu láti àná. Ó ní ife agbo kan àti omi tó fi gbé oògùn mì. Mo bi í pé ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn. Ó ronú títí. "Alẹ́ àná ni mà. Kò pọ̀. Ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì."

Ahọ́n rẹ̀ gbẹ. Tẹmómítà ka 39.3. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 116 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tó sì dìde dúró, òòyì kọ́ ọ, ó di tábìlì mú. Ó tún jẹ́wọ́ pé òun kò sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lóru méjèèjì, torí aṣọ ẹbí ìsìnkú kan tó gbọ́dọ̀ parí. Òùngbẹ, ebi àti àìsùn ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fọ́ orí ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Gbogbo wọn ló wá pàdé lórí ẹni kan tí fúlù ti gbé ṣubú.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ omi, ohun kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Mo ní kó tẹrí ba kí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan àyà. Ọrùn rẹ̀ ro ó, àmọ́ ó tẹ̀, àgbọ̀n kàn án. Ó ń dáhùn ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Kò sí èélá lára rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, bóyá wọ́n ti sọ fún un rí pé ó ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín. Ó ní rárá. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo kọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì tuntun lọ́wọ́ mi, mo sọ fún bàbá kan tí fúlù ń ṣe pé kí wọ́n mu omi títí ìtọ̀ wọn yóò fi mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Mi ò béèrè nípa ọkàn wọn. Ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé wọn padà wá, ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò lè dùbúlẹ̀ kí wọ́n sì mí. Ọkàn tí kò lágbára kò lè tu gbogbo omi tí mo ní kí wọ́n mu. Wọ́n yè é, mo dúpẹ́, àmọ́ mi ò sọ "ẹ mu omi dáadáa" fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè.

Agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. A po omi iyọ̀ àti ṣúgà: omi inú ọ̀rá méjì, tó jẹ́ lítà kan, síbí ìpo-tíì mẹ́fà ṣúgà tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, àti ààbọ̀ síbí iyọ̀. Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ lẹ́nu, ẹ dà á nù kí ẹ po tuntun. Inú ń rìn ín, nítorí náà mi ò gbé ife fún un kó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn tí inú ń rìn bá da ife omi kan sọ́fun, yóò bì í, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á sì pinnu pé omi kò bá a lára mu. Ẹnu méjì péré ni, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹnu méjì mìíràn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sìn ín wá ló ń bù ú sí i lẹ́nu. Títí di aago mọ́kànlá ó ti mu nǹkan bí mílílítà 700.

A ta aṣọ sójú fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn. A gba kúbùsù tó fi wé ara, a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo bò ó, torí gbígbọ̀n ti lọ, ooru ló ń mú un. Mi ò fi omi yìnyín nù ún. Omi tútù nini á tún mú kó máa gbọ̀n, gbígbọ̀n á sì dá ooru tuntun sílẹ̀. Láago méjìlá, ó mu ògì tó ṣàn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó tọ̀. Ó ṣì pọ́n díẹ̀, àmọ́ ó pọ̀. Ó sùn.

Nígbà tó jí láago méjì ọ̀sán, tẹmómítà ka 38.8. Ibà ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ ti wá sí 98, kò sì sí òòyì mọ́ nígbà tó dìde. Mo bi í nípa orí. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí, ó rọra gbọ̀n ọ́n wò. "Mà, èyí tó ń lù mí lórí gbogbo ti lọ. Ó ku èyí tó wà lẹ́yìn ojú, bí mo bá wúkọ́." Parasitamọ́ọ̀lù kankan kò wọ ẹnu rẹ̀ láti aago méje. Òótọ́ ni pé èyí tó lò láàárọ̀ lè ṣì ṣe díẹ̀ fún un láwọn wákàtí àkọ́kọ́, àmọ́ kó tó di aago méjì, agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni orí fúyẹ́. Ohun tó lọ ni ẹ̀fọ́rí kejì. Ohun tó kù lẹ́yìn ojú ni ti fúlù fúnra rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé agbára omi ga ju bó ti yẹ lọ. Àwọn onímọ̀ tó wá inú ìwádìí káàkiri ayé kò rí èyí tó fi hàn ní ọ̀nà tó péye pé omi àmujù ń gé ọjọ́ fúlù kúrú. Omi kò pa fáírọ́ọ̀sì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ohun tí ibà kó lọ padà, ibẹ̀ náà ló dúró sí. Nítorí náà ìwọ̀n tó tọ́ ni èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn tọ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ìtọ̀ náà sì ní àwọ̀ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó ṣì mọ́ díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn gbóná, omi inú ọ̀rá mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín àárọ̀ sí alẹ́ á tó o, pẹ̀lú ògì, ọbẹ̀ ẹja olómi tàbí omi àgbọn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń mu omi lásán bí ẹni tó fẹ́ fọ àìsàn dànù, tí kò sì jẹ nǹkan oníyọ̀ kankan, lè sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di ṣíṣàn, ìyẹn gan-an á sì tún fọ́ orí.

Ohun mìíràn tún wà tó lè fi kún ẹ̀fọ́rí kejì: mo rántí àwọn àgbà wa tó ń jẹ obì. Bí fúlù bá mú wọn, adùn ẹnu á lọ, wọn kò ní fọwọ́ kan obì fún ọjọ́ méjì. Èròjà tó ń mú ojú là nínú kọfí náà ló wà nínú obì àbàtà àti gbànja, ara tó ti mọ́ ọn lójoojúmọ́ á sì fi ẹ̀fọ́rí béèrè rẹ̀. Mo ti rí ìyá kan tí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, tí awẹ́ obì kan pẹ̀lú omi sì yanjú rẹ̀.

Nípa ìsinmi, ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni kí iṣan ara dẹ́kun iṣẹ́. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń dá ooru sílẹ̀, ibà sì ń mú ọkàn sáré tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé fáírọ́ọ̀sì bíi ti fúlù lè wọ iṣan ọkàn lára àwọn èèyàn díẹ̀. Ọkàn tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa gun òkè tàbí gbá bọ́ọ̀lù. Mo sọ fún aránṣọ yìí pé kó má fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ títí ibà yóò fi kúrò fún odindi wákàtí 24 láìlo oògùn ibà. Ó ń ronú nípa aṣọ ẹbí náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló bá a parí rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ dára. Ibà fi í sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ikọ́ rẹ̀ sì gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀fọ́rí tí omi àti parasitamọ́ọ̀lù kò dín kù rárá náà ń bà mí lẹ́rù. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíráḿà kan wá pẹ̀lú ara gbígbóná àti ẹ̀fọ́rí. Ó mu omi, ó lo parasitamọ́ọ̀lù, wákàtí méjì kọjá, ńṣe ló ń burú sí i. Ó yí ojú kúrò níbi ìmọ́lẹ̀, ó ń sùn lọ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀, nígbà tí mo sì gbé orí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn kò tẹ̀, gbogbo èjìká ló bá a dìde. Ìyẹn kì í ṣe fúlù. Àrùn awọ ọpọlọ ni a ń fura sí níbi tí ọrùn bá ti gan, ilé ìwòsàn ńlá ló sì kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìdúró de ife omi mìíràn.

Àwọn kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ fi omi àti ìsinmi nìkan dán fúlù wò nílé: aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, ẹni tó ní ikọ́ eéfín, àtọ̀gbẹ, àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, ibà àti òùngbẹ lè fa ìrora eegun kí ilẹ̀ tó mọ́. Oògùn tó ń dojú kọ fáírọ́ọ̀sì fúlù fúnra rẹ̀ wà ní àwọn ilé ìwòsàn kan, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà kí wọ́n tètè wá. Ẹ má sì fún ọmọdé tí fúlù ń ṣe ní asipirín-ìn. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé, bí ibà bá ti lọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, tó wá tún gbéra padà pẹ̀lú ikọ́ tó nípọn, àyà dídùn tàbí èémí tó ń sáré, ẹ má po omi iyọ̀ àti ṣúgà mọ́. Ó ṣeé ṣe kí àìsàn mìíràn ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e wá bá wa lọ́jọ́ náà gan-an.